Ẹni tó ń jẹ́ “Tíṣà Máàsì” nínú fóònù ọmọ ọdún méjìlá

Ọjọ́ ìpàdé òbí àti olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ náà tú síta, kò sì sẹ́ni tó ń wá a. Ìyá ọmọ kan, tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági Tuntun n'Íbàdàn, dìde lórí àga rẹ̀, ó lọ bá olùkọ́ ìṣirò níbi tó dúró sí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ń fi oorun rẹ̀ sílẹ̀ láti máa kọ́ ọmọ òun lórí Wasáàpù lálẹ́. Olùkọ́ náà rò pé ó ṣi òun mú ni. Ó ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní nọ́ńbà ọmọ yín.” Ìyá náà ní, “Háà, sà, orúkọ yín ló wà níbẹ̀. Tíṣà Máàsì. Mo máa ń rí i tó bá dún ní aago mẹ́wàá alẹ́.” Olùkọ́ náà wo ojú mi. Èmi náà wo ojú rẹ̀.

Èmi ni olùdámọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílé-ìwé náà. Mo fẹ́ kọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí a kọ́kọ́ ṣe tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, àti ohun tí a wá ṣe lẹ́yìn náà. Ìyá ọmọ náà mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, ọmọ náà sì mọ̀. Mo ti yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà fi dá wọn mọ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ni pé nígbà tí mo ka gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn kọ ránṣẹ́ sí ọmọ náà, n kò rí ọ̀rọ̀ rírùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo gba fóònù náà yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ǹ bá dá a padà fún ọmọ náà, ǹ bá sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò séwu.

Ọmọkùnrin ni, ọmọ ọdún méjìlá. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Pọtakọ́tù, oṣù méjì méjì ló ń wálé. Ìyá rẹ̀ ń ti ọjà dé ní aago méje, ìgbà míì aago mẹ́jọ. Ìyá àgbà ló wà nílé pẹ̀lú rẹ̀, bó bá sì ti jẹun alẹ́ tán, oorun ti dé nìyẹn. Fóònù tí bàbá ti lò gbó ni wọ́n fún ọmọ náà kí wọ́n lè máa pè é tó bá ti ilé-ìwé dé. Ó fi ń gbá géèmù kan tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ń gbá, èyí tí àwọn mẹ́rin ti máa ń jọ wà ní ẹgbẹ́ kan, tí wọ́n á sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń gbá a. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti bá a pàdé. Ó ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni òun, òun ń dúró de ìdánwò ìgbaniwọlé sí yunifásítì. Ó mọ géèmù náà gbá. Bí wọ́n bá ti ń pa ọmọ náà nínú eré, òun ló máa ń sáré wá gbà á sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó ní kí wọ́n bọ́ sórí Wasáàpù, nítorí pé ariwo àwọn yòókù ti pọ̀ jù.

Ó ń pe ọmọ náà ní “àbúrò mi”. Ọmọ náà ń pè é ní “Bọ̀ọ̀dá”. Ẹ má fojú kéré èyí. Ọmọ tí a bá tọ́ ní ilé Yorùbá ti mọ̀ pé a kì í já ẹ̀gbọ́n nírọ́, a kì í dá àgbà lóhùn gígún, bí ẹ̀gbọ́n bá sì rán ni níṣẹ́, a máa ń jẹ́ ẹ ni. Ọkùnrin yẹn kò ní láti kọ́ ọmọ náà ní ìgbọràn, a ti bá a kọ́ ọ nílé. Orúkọ ìbátan kan ṣoṣo tó yá lò ti fún un ní gbogbo ọlá tí ẹ̀gbọ́n gidi ń ní.

Mo mú bíró, mo sì kọ gbogbo ìbéèrè tó bi ọmọ náà láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ sójú ìwé kan. Mo yọ gbogbo èyí tó jẹ́ ti géèmù àti ti bọ́ọ̀lù kúrò, wọ́n sì pọ̀ gan-an. Àwọn tó ṣẹ́ kù kò kún ojú ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí wọn tẹ̀lé ara wọn láìsí géèmù láàárín wọn, ara mi bù máṣọ. “Ṣé fóònù ẹ ni àbí ti màmá ẹ?” “Ṣé wọ́n máa ń wo inú ẹ̀?” “Níbo lo máa ń gbé e sí tó o bá fẹ́ sùn?” “Ṣé ìwọ nìkan lo ń sùn ní yàrá ẹ?” “Ta ló wà nílé báyìí?” “Bàbá ẹ ńkọ́, ìgbà wo ló tún ń bọ̀?” Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan wà láàárín ogójì ọ̀rọ̀ nípa ìbọn inú géèmù àti ẹni tó jẹ gólù. Ìdáhùn ọmọ náà kì í gùn: “Tèmi ni.” “Rárá.” “Abẹ́ ìrọ̀rí.” Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ń wá ẹni tí yóò bá a gbá géèmù kò nílò láti mọ ibi tí fóònù ń sùn. Ẹni tó nílò rẹ̀ ni ẹni tó ń wọn ìwọ̀n àkókò tí òun lè fi bá ọmọ sọ̀rọ̀ láìsí pé àgbàlagbà kan yọjú.

Èyí ni àmì àkọ́kọ́ tí mo ń wá báyìí, mo sì ń fi í ṣáájú ọ̀rọ̀ àìmọ́. Mo ń wò ó bóyá ẹni náà ń béèrè nípa àwọn tó ń ṣọ́ ọmọ ju bó ṣe ń béèrè nípa ọmọ gan-an lọ.

Àmì kejì ni àṣírí, ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ló sì fi wọlé, bí ìgbín ṣe ń gun igi. Òun ló kọ́kọ́ sọ ti ara rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọjọ́ orí ọmọ náà, òun jí sìgá bàbá òun mu lẹ́ẹ̀kan, òun ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí: “Ìwọ nìkan lo mọ̀ báyìí o.” Àṣírí yẹn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọmọ náà lè pa ẹnu mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó bi í pé, “Ṣó o sọ fún màmá ẹ?” Ọmọ náà ní rárá. Ó ní, “Ọkùnrin ni ẹ́.” Lẹ́yìn èyí ló fi káàdì ìpè ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ránṣẹ́ sí i, ó ní kó má jẹ́ kí màmá mọ̀ kí wọ́n má baà ní ó ń tọrọ owó. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ra détà ẹgbẹ̀rún náírà kan fún un. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà gba máàkì mẹ́rin nínú ogún nínú tẹ́ẹ̀sì ìṣirò, ó sì sọ fún un. Ọkùnrin náà kọ́ ọ bí yóò ṣe fi ìwé náà pamọ́, ó ní, “Mi ò ní sọ fún wọn, ìwọ náà mọ̀ pé mi ò lè já ẹ.”

Ibí yìí ni mo rò pé okùn ti fún. Àṣírí mẹ́ta ti wà nílẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ti àgbàlagbà náà, ọ̀kan jẹ́ ti owó, ọ̀kan sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí ọmọ náà bá fẹ́ sọ èyíkéyìí fún ìyá rẹ̀, ó ní láti jẹ́wọ́ ìwé tó fi pamọ́ àti káàdì tó gbà. Àwọn òbí máa ń bi mí pé kí ló dé tí ọmọ kì í fi í sọ̀rọ̀. Èyí ni ìdáhùn mi: ẹni náà ti rí i dájú pé ọmọ kò lè sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì láìsọ ti ara rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àkókò ọ̀rọ̀ wọn kúrò ní ìrọ̀lẹ́, ó di lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́. Ó ní kí ọmọ náà pa orúkọ “Bọ̀ọ̀dá” rẹ́, kó fi “Tíṣà Máàsì” sí i. Ó mọ̀ pé bí ìyá bá rí orúkọ olùkọ́ ní òru, inú rẹ̀ yóò dùn, pàápàá tí ọmọ náà kò bá mọ ìṣirò. Inú ìyá náà sì dùn lóòótọ́. N kò dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n mo ń sọ fún àwọn òbí láti ìgbà náà pé bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ olùkọ́ gidi ni, kò yẹ kó máa bá ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó bá ní iṣẹ́ láti fi ránṣẹ́ yóò fi í sí ẹgbẹ́ tí òbí wà, tàbí kó pe òbí.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ọkùnrin náà tan ohun tí wọ́n ń pè ní “Disappearing messages” nínú Wasáàpù, ó sì fi í sí wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ohun tí èyí ń ṣe ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti ìgbà náà lọ yóò pa rẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ níbẹ̀. Kì í pa èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ó sì máa ń fi ìlà kékeré kan sílẹ̀ láàárín ìtàkùrọ̀sọ náà tó sọ pé wọ́n ti tan án, àwòrán aago kékeré yóò sì wà lára àwòrán ẹni náà. Ẹni tó bá ṣí fóònù ọmọ yóò rí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ọ̀rọ̀ géèmù, yóò rí ìlà kékeré yẹn, lẹ́yìn ìyẹn kò ní rí ju ọ̀rọ̀ àná lọ.

Ohun tí ìyá náà rí gẹ́lẹ́ nìyẹn ní alẹ́ ọjọ́ ìpàdé wa.

Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe ohunkóhun títí di òwúrọ̀, kó jẹ́ kí èmi àti ọmọ náà jókòó ná. Ṣùgbọ́n ìyá ni, ẹ̀rù sì ti bà á. Bó ṣe délé ló gba fóònù náà, ó na ọmọ náà, ó sì pe nọ́ńbà yẹn lójú ẹsẹ̀, ó fi èpè ṣẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ títí dé òpin láìfọhùn, ó pa ìpè náà, ó sì dí nọ́ńbà tí ìyá fi pè é. Ìyá wo inú ìtàkùrọ̀sọ náà, ó rí géèmù, ó rí bọ́ọ̀lù, ó rí “kú alẹ́, Bọ̀ọ̀dá”. Ó ti fóònù náà mọ́ inú àpótí aṣọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó wá bá mi, ó ní, “Àǹtí, mo ti yanjú ẹ̀. Ó jọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, kò sí ọ̀rọ̀ burúkú níbẹ̀.” Ọmọ náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Mo bi í léèrè, ó ní, “Kò sí nǹkan kan, mà.” Èmi náà sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ìlà kékeré yẹn nígbà tí ìyá náà gbé fóònù náà dání, mo sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó gbọ́ nǹkan míì. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ló wá bá mi nígbà ìsinmi ọ̀sán. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò padà. Ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ ò ní sọ pé èmi ni?” Fóònù rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń yá lò lẹ́yìn ilé-ìwé láti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ẹni náà ti wá ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù náà nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ó sì ní kí òun náà má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ọmọ náà ti mọ nọ́ńbà ọkùnrin yẹn sórí. Lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ nà án, òun fúnra rẹ̀ ló wá a lọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà fi ránṣẹ́ padà ni: “Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Mo ní wọ́n máa gba fóònù ẹ, wọ́n máa nà ẹ́. Èmi nìkan ni mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ.” Mo ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ fún ọmọ náà ohun tí ìyá yóò ṣe, ìyá sì ṣe é gẹ́lẹ́ bó ṣe wí. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ohun tí ọkùnrin náà bá sọ di òótọ́ lójú ọmọ náà. Nínà yẹn kò já okùn àárín wọn. Ó tún un so ni.

Ó ti béèrè fọ́tò nísinsìnyí. Ọmọ náà fi èyí tó wọ aṣọ ilé-ìwé ránṣẹ́, báàjì ilé-ìwé wa sì hàn gbangba ní àyà rẹ̀. Ó béèrè òmíràn tí kò wọ ẹ̀wù, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń ní iṣan bíi ti agbábọ́ọ̀lù. Ọmọ náà kò tíì fi ìyẹn ránṣẹ́. Ó sì ti ṣèlérí fóònù tuntun fún un, kó wá gbà á ní Ìwó Róòdù ní ọjọ́ Sátidé, ní aago mẹ́ta, kó dá wá. Ọjọ́ Wẹ́sidé ni ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá bá mi.

N kò pe ọmọ náà sí ọ́fíìsì. Mo ní kó wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò tí àwọn ọmọ máa ń jókòó sí, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a jọ máa wo ibì kan náà, kó má baà ní láti máa wo ojú mi. Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé n kò bínú, pé ìyá rẹ̀ kò sì mọ̀ pé a jọ jókòó, ṣùgbọ́n pé n kò lè ṣèlérí pé n kò ní sọ fún un. N kò fẹ́ kí èmi náà tún di ẹni tó ń bá a pa àṣírí mọ́. Lẹ́yìn náà mo ní kó ṣàlàyé géèmù náà fún mi, a sì lo bí ogún ìṣẹ́jú lórí ìyẹn. Nígbà tí ara rẹ̀ ti balẹ̀, n kò bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ìbéèrè yẹn ẹjọ́ ni, ọmọ á gbọ́ ọ bí ẹ̀sùn. Mo bi í pé, “Kí ló ní ó máa ṣẹlẹ̀ tó o bá sọ fún ẹnì kan?”

Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, “Ó ní àwọn èèyàn máa ní èmi ni mo wá a. Èmi náà ni mo wá a lóòótọ́, Àǹtí. Lẹ́ẹ̀kejì.” Ẹkún dé. Láti ibẹ̀ ó sọ gbogbo rẹ̀ láìjẹ́ pé mo tún béèrè.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pe ìyá rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ sì bá a wá. Ohun méjì ni wọ́n fẹ́ ṣe, èmi ò sì gbà. Ìyá fẹ́ gba fóònù ọmọ kejì yẹn, kó máa dáhùn bí ẹni pé òun ni ọmọ náà, kó lè mọ púpọ̀ sí i. Mo ní rárá. Ẹni tó ti bá ọmọ sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì mọ bó ṣe ń kọ̀wé. Bó bá fura, yóò pa ohun tó bá lè pa rẹ́, a ò sì ní rí i mọ́. Bí kò bá fura, ohun tí ìyá bá kọ yóò da ẹ̀rí rú, a ò ní mọ ohun tí ọmọ sọ yàtọ̀ sí ohun tí àgbàlagbà sọ. Àbúrò bàbá ní tirẹ̀ fẹ́ kó àwọn ọmọkùnrin àdúgbò lọ dúró dè é ní Ìwó Róòdù. Mo yé ìbínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ojú ọkùnrin náà nínú wa. Ibùdókọ̀ tí èrò ti ń wọ́ bí omi ni, ní ọ̀sán Sátidé. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá gbé báàgì fóònù dúró níbẹ̀ ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lù, wọ́n sì lè pa aláìṣẹ̀. Kí wọ́n tó rí i mú, wọ́n ní láti fi ọmọ náà ṣe ìjẹ, n kò sì mọ òbí kan tí yóò gbà bẹ́ẹ̀ bí ara rẹ̀ bá ti rọlẹ̀.

Ohun tí a ṣe ni pé a kọ́kọ́ mú ẹ̀rí. Mo fi fóònù mi ya ojú fóònù ọmọ kejì náà, láti òkè ìtàkùrọ̀sọ dé ìsàlẹ̀, kí nọ́ńbà àti ọjọ́ hàn nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà ti tan “Disappearing messages” síbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà wákàtí díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ nípa Ìwó Róòdù yẹn pa rẹ́. A mú fóònù àkọ́kọ́ jáde nínú àpótí ìyá, ọ̀sẹ̀ márùn-ún náà sì wà níbẹ̀ pípé. Ọpẹ́ ni pé nínú ìbínú rẹ̀ kò fọ́ ọ, kò sì pa nǹkan kan rẹ́. A kò tíì dí nọ́ńbà náà, a kò tíì fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Wasáàpù, títí a fi kó gbogbo rẹ̀ tán. Mo ní láti sọ èyí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi: bí ó bá jẹ́ pé ọmọ náà ti fi àwòrán ìhòòhò ránṣẹ́ ni, n kì bá tí fi fóònù mi ya ìyẹn. Níní irú àwòrán ọmọdé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, ohun rere tí a bá ní lọ́kàn kò sì yí ìyẹn padà. A ó fi fóònù náà sílẹ̀ bó ṣe wà, a ó gbé e fún ọlọ́pàá.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tó kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ wa ní ọkùnrin náà kò tíì fọwọ́ kan ọmọ náà, kí ni a fẹ́ kí òun kọ? Mo ti tẹ òfin náà sójú ìwé lọ. Abala 23 nínú òfin Nàìjíríà tó de ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015, mẹ́nu ba ẹni tó bá ti ojú ẹ̀rọ fa ọmọ mọ́ra, tàbí tó rọ̀ ọ́ láti pàdé rẹ̀, pẹ̀lú èrò ìbálòpọ̀. Ọmọ nínú abala náà ni ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Kò dìgbà tí ó bá fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ohun tó le ni fífi èrò náà hàn, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìtàkùrọ̀sọ fi ṣe pàtàkì. “Wá gba fóònù ní Ìwó Róòdù” nìkan kò sọ púpọ̀. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò tí kò wọ ẹ̀wù, sí ẹ̀gbẹ́ “dá wá”, sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Tíṣà Máàsì àti ìbéèrè nípa yàrá tí ó ń sùn, ó ti di nǹkan míì. Ọlọ́pàá obìnrin kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló ka ojú ìwé tí mo kọ àwọn ìbéèrè náà sí. Ó kà á tán, ó ní kí a jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ lórí síìmù náà jẹ́ ti ìyá arúgbó kan tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní Sátidé, ọmọ náà wà nílé. Nọ́ńbà náà kò lọ mọ́ láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn kò tíì rí ọkùnrin náà mú, n kò sì mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Nínú ohùn rẹ̀ tí mo gbọ́, kì í ṣe ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.

Àwọn olùkọ́ kan ti bi mí látìgbà náà pé ṣé a ó wá máa fura sí gbogbo àgbàlagbà tó bá bá ọmọ sọ̀rọ̀ ni. Rárá o. Kóòṣì bọ́ọ̀lù wà, olùkọ́ ilé-kéwú wà, ẹ̀gbọ́n ìjọ wà, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ, tí wọ́n sì ń fún un ní nǹkan. Ohun tí mo ń wò ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí òbí bá wọlé sínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ á ní, “Ẹ kú ilé, mà,” á sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Òun gan-an ló máa ń kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà òbí. Èkejì á sá, tàbí á pa orúkọ dà, tàbí á ní kí a bọ́ síbòmíì. Nínú ọ̀ràn yìí, láti ọjọ́ kẹsàn-án dé òpin, ọkùnrin náà kò sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ọmọ náà bá òun kí màmá.

Apá kan ṣẹ́ kù tí n kò retí, òun ló sì gba àkókò mi jù. Ọmọ náà ń ṣọ̀fọ̀ ọkùnrin yẹn. Ìyá rẹ̀ rò pé ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn pé a yọ ọ́, nígbà tó sì rí i tí kò jẹun, ó tún fẹ́ bínú. Mo ní láti ṣàlàyé fún un pé oṣù méjì ni ẹnì kan fi ń bi ọmọ rẹ̀ lálaalẹ́ pé báwo ni ọjọ́ rẹ ṣe rí, kò sì sí ẹlòmíì nínú ilé tó ń bi í bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ẹ̀tàn ni, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n sí ẹ̀tàn, àyè tó fi sílẹ̀ sì ń dun ọmọ náà gidi. Bí a bá kàn gba fóònù, tí a ò fi nǹkan kan sí àyè yẹn, ẹlòmíì á bọ́ síbẹ̀.

A fi ẹnu kò sí ohun mẹ́ta. Fóònù ọmọ náà àti ti ìyá rẹ̀ ń sùn ní pálọ̀, lórí tábìlì kan náà, láti aago mẹ́sàn-án. Ìyá náà sọ ọ́ níwájú mi pé ohunkóhun tí ọmọ náà bá wá sọ fún òun nípa ẹnikẹ́ni nínú fóònù, òun kò ní nà án, òun kò sì ní gba fóònù náà lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣòro fún un láti sọ, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ohùn rẹ̀ tó dúró. Bàbá náà sì ń pè láti Pọtakọ́tù ní aago mẹ́jọ alẹ́, ọmọ náà ni bàbá ń pè, kì í ṣe ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wọn kò mọ ohun tí wọn yóò bá ara wọn sọ. Bàbá náà sọ fún mi pé òun wá ní kó kọ́ òun ní géèmù yẹn.

Ní òpin tẹ́ẹ̀mù, ọmọ náà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá Bọ̀ọ̀dá máa ń rántí òun. Mo sọ fún un pé n kò mọ̀. Mo ní kó wọlé wá jókòó.